Èsì: Táwẹ́ẹ̀lì tó ń dín kù ní ilé ìtura

“Ẹ jọ̀ọ́, yàrá 40 la ní, táwẹ́ẹ̀lì wa sì ń dín kù lóṣooṣù. Ṣé àwọn òṣìṣẹ́ ló ń jí i ni?”

Ẹ kú iṣẹ́ o. Kí ẹ tó fura sí ẹnikẹ́ni, ẹ jẹ́ kí ìṣirò yín kọ́kọ́ dúró dáadáa. Bí yàrá kọ̀ọ̀kan bá ń lo 2, 80 yóò wà nínú yàrá, 80 lọ́dọ̀ alágbàfọ̀, 80 nínú sítọ̀, èyí tó jẹ́ 240. Ẹ ka gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, nígbà tí ohunkóhun kò bá ń wọlé tàbí jáde, nítorí pé èyí tó wà lórí kẹ̀kẹ́ àwọn tó ń tún yàrá ṣe ni a sábà máa ń gbàgbé.

Ká ní 240 lẹ fi bẹ̀rẹ̀ oṣù, tí ẹ ra 40, tí ẹ sì yọ 22 tó ti gbó kúrò, 258 ló yẹ kó wà nílẹ̀. Bí ẹ bá ka 231, 27 ló sọnù. Lójú tèmi, kì í ṣe olè ló máa ń kó gbogbo rẹ̀: ẹlòmíràn ti fi táwẹ́ẹ̀lì tó lábàwọ́n nu ilẹ̀ láìkọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ fún àwọn òṣìṣẹ́ ní àkísà tí àwọ̀ rẹ̀ yàtọ̀, kí èyí tó lábàwọ́n sì ní àpò tirẹ̀. Ti ẹ̀jẹ̀, omi tútù ni kí ẹ kọ́kọ́ fi ṣàn án, torí omi gbígbóná máa ń jẹ́ kó lẹ̀ mọ́ aṣọ pátápátá. Èyí tí kò bá mọ́ lẹ́yìn ìfọ̀ kejì, ẹ gé igun rẹ̀ láti fi hàn pé ẹ ti yọ ọ́ kúrò, kí ẹ sì kọ ọ́ sínú ìwé lọ́jọ́ náà gan-an.