Kí ni “Bùhárì ló gbà á wá” ń sọ gan-an?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, sà. Nínú ìwé ẹ̀sìn, mo máa ń rí “Bùhárì ló gbà á wá”. Kí ni ìtumọ̀ rẹ̀ gan-an? Iṣẹ́ àṣekágbá mi dá lórí bí àwọn onímọ̀ ṣe ń fa òfin àlùwàlá yọ, olùkọ́ mi sì ní ìtọ́kasí mi kò bára mu. Ọ̀rẹ́ mi ní kí n ṣáà fi nọ́ńbà hádíìsì sí i, pé ó ti tó.

Ìdáhùn: Ọ̀rẹ́ rẹ yìí ló máa kó ẹ sí wàhálà. Irú ọ̀rọ̀ rẹ̀ ni mo gbọ́ lórí rédíò lọ́jọ́ kan tí oníwáàsí kan ń ṣàlàyé fáwọn olùgbọ́ pé “gbà á wá” kò ju pé hádíìsì náà wà nínú ìwé Bùhárì lọ, pé ẹni tó bá ti mọ nọ́ńbà rẹ̀ ti mọ ọ́n tán. Mo pa rédíò náà. Bùhárì tó kó ìwé hádíìsì yìí jọ kú ní 870. Kò fi nọ́ńbà sí hádíìsì kankan. Àwọn tó ń tẹ ìwé lóde òní ló fi í sí i, èyí tó sì wọ́pọ̀ jù lónìí, tó parí sí 7,563, ọwọ́ Mùhámádù Fúádù Àbúdùlù-Bákì ará Íjíbítì tó kú ní 1968 ló ti wá. Àwọn mìíràn ka tiwọn lọ́tọ̀. Bí o bá kọ “Bùhárì 54” láìsọ ẹni tó ka nọ́ńbà yẹn, ẹni tí ìwé ọwọ́ rẹ̀ yàtọ̀ sí tìrẹ á ṣí i, á bá nǹkan mìíràn níbẹ̀, á sì pè ọ́ ní onírọ́.

“Gbà á wá” jẹ́ ọ̀rọ̀ ẹlẹ́rìí. Ẹni tó gba nǹkan wá, ọwọ́ ẹnì kan ló ti gbà á, bó ṣe gbọ́ ọ ló ṣe sọ ọ́, ó sì wá ibì kan gbé e sí. Nígbà tí o bá kọ ọ́ sísàlẹ̀ ojú ìwé rẹ, ohun tí ò ń sọ ni pé Bùhárì gba ọ̀rọ̀ yìí gan-an, bí o ṣe kọ ọ́ yìí, ó sì gbé e sí ibi tí o tọ́ka sí. Tí ọ̀kan bá yẹ̀ níbẹ̀, ẹ̀rí rẹ ti wọ́.

Jẹ́ kí n sọ ohun tójú mi rí. Nígbà tí èmi náà ń kọ irú iṣẹ́ tí ò ń kọ yìí, mo fẹ́ fi hàn pé àníyàn jẹ́ ọ̀ranyàn nínú àlùwàlá. Hádíìsì tí gbogbo ọmọ ilé kéú mọ̀ ni mo fà yọ: iṣẹ́ wà pẹ̀lú àníyàn, ohun tí kálukú bá gbèrò ló máa rí, ẹni tí híjírà rẹ̀ bá jẹ́ sí Ọlọ́run àti Òjíṣẹ́ Rẹ̀, híjírà rẹ̀ jẹ́ sí Ọlọ́run àti Òjíṣẹ́ Rẹ̀, ẹni tó bá sì jẹ́ nítorí ayé tàbí obìnrin tó fẹ́ fẹ́, ohun tó torí ẹ̀ lọ náà ló ní. Mo kọ “Bùhárì 1” sí i, àyà mi sì balẹ̀. Bàbá tó ń yẹ iṣẹ́ mi wò kò bínú. Ó ṣí ìwé náà sí ojú ewé àkọ́kọ́, ó yí i sọ́dọ̀ mi, ó ní, “Fi ìka tọ́ ọ, ibo ló ti sọ híjírà sí Ọlọ́run?” Mo wá a títí. Kò sí níbẹ̀. Lóòótọ́, ní nọ́ńbà 1, tí Bùhárì gbà lọ́wọ́ Húmáídí, gbólóhùn yẹn kò sí. Láti orí ohun tí kálukú gbèrò ló ti bọ́ tààrà sórí ẹni tó ṣe híjírà nítorí ayé. Ọ̀rọ̀ tí mo kọ wà ní nọ́ńbà 54, níbi tí Bùhárì ti gbà á gba ọ̀nà Málíkì.

Ibi méje ni Bùhárì gbé hádíìsì kan ṣoṣo yìí sí: 1, 54, 2529, 3898, 5070, 6689 àti 6953. Kì í ṣe pé ó gbàgbé pé òun ti kọ ọ́ tẹ́lẹ̀. Àwọn àgbà onímọ̀ máa ń sọ pé òye Bùhárì nípa òfin, inú àkọlé orí ìwé rẹ̀ ló wà, ohun tí mo sì di mú láti ọjọ́ náà nìyẹn, kò sẹ́ni tó lè gbà á lọ́wọ́ mi. Nọ́ńbà 1 wà ní Ìbẹ̀rẹ̀ Ìmísí, níbi tí kò ti sọ òfin kankan. Nọ́ńbà 54 wà nínú Ìwé Ìgbàgbọ́, àkọlé orí yẹn sì sọ gbangba pé ìgbàgbọ́, àlùwàlá, ìrun, sàká, háájì, ààwẹ̀ àti àwọn ìdájọ́ ló wọ inú ọ̀rọ̀ yìí. Àlùwàlá! Bùhárì fúnra rẹ̀ ló dárúkọ rẹ̀. Ìjiyàn sì wà nídìí rẹ̀, torí àwọn Hánáfì gba hádíìsì náà, ṣùgbọ́n wọn kò gbà pé àlùwàlá ẹni tí kò ní àníyàn kò pé. Ẹni tó bá tọ́ka sí 54 pẹ̀lú àkọlé rẹ̀ ti fi ìhà tí Bùhárì wà hàn. Ẹni tó kọ “Bùhárì 1” ti sọ ẹ̀rí tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ nù. Nọ́ńbà 6953 wà nínú ìwé tó dá lórí ọgbọ́n àrékérekè tí wọ́n fi ń yẹ òfin sílẹ̀. Ìyẹn náà ní ẹjọ́ tirẹ̀.

Alífà tó kọ́ mi ní kéú kò mọ nọ́ńbà hádíìsì kankan títí ó fi kú. Tí o bá fa hádíìsì yọ níwájú rẹ̀, á gbé ojú sókè lórí wàláà, á ní, “Nínú ìwé wo? Nínú bábù wo?” Tí o kò bá mọ bábù, ìyẹn orí ìwé, á ní o kò tíì gbọ́ ọ. Lónìí, ọmọ ilé-ìwé gíga á tẹ ọ̀rọ̀ méjì sórí fóònù, nọ́ńbà á já sílẹ̀, á dà á kọ, kò ní yí ojú ewé kan wo ohun tó wà lókè rẹ̀. A wá ń pe ìyẹn ní ìwádìí.

Má fi àkọlé orí ṣe ẹ̀rí bẹ́ẹ̀ nínú ìwé hádíìsì tí Mùsìlímù kó jọ o. Àkọlé orí tí o ń rí nínú ìwé tirẹ̀ kì í ṣe ọwọ́ rẹ̀. Nàwáwí ló kọ èyí tó gbajúmọ̀, ní nǹkan bí irinwó ọdún lẹ́yìn rẹ̀. Hádíìsì àníyàn wà níbẹ̀ ní nọ́ńbà 1907, nínú ìwé ìṣàkóso, ṣùgbọ́n àkọlé orí rẹ̀ kò lè jẹ́rìí èrò Mùsìlímù. Ní ti Málíkì tí àwa ń tẹ̀lé níbí, kò tó kí o kọ “Mùwátà”, orúkọ ìwé rẹ̀. Nínú èyí tí Yáyà Láísì gbà wá, tí a ń kà, hádíìsì àníyàn kò sí. Inú ti Mùhámádù Ṣáíbánì ló wà. Dárúkọ ẹni tó gbà á wá lọ́wọ́ Málíkì.

Kùránì ńkọ́? O rò pé ìyẹn rọrùn. Kùránì alífà mi, èyí tí àmì tóótóó fá rẹ̀ wà nísàlẹ̀, tí káfù rẹ̀ sì ní ẹyọ kan lókè, kíkà tí Wáráṣì gbà wá ni, bíi ti ọ̀pọ̀ àgbà Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Nínú èyí tí wọ́n ń tà lọ́jà báyìí, ti Háfúsì, ẹsẹ àlùwàlá ni Máídà 6. Nínú ti alífà mi, 7 ni. Ìdí ni pé àwọn ará Mẹ̀dínà parí ẹsẹ kìíní síbi tí Ọlọ́run ti ní ká mú àdéhùn ṣẹ, àwọn ará Kúfà kò sì dúró níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà kò yàtọ̀, ìkà ẹsẹ ni. Nítorí náà, nínú ìtọ́kasí rẹ àkọ́kọ́, sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan pé ìkà Kúfà, ẹsẹ 6,236, lo tẹ̀ lé, kí o má sì yí i padà mọ́.

Ṣùgbọ́n ibì kan wà tí kíkà yàtọ̀ tí òfin sì gbara lé e, inú ẹsẹ yìí kan náà ni. Àwọn kan ka “arújúlákúmù”, tí ẹsẹ̀ fi tẹ̀ lé ojú àti ọwọ́, tí òfin rẹ̀ sì di fífọ̀. Àwọn kan ka “arújúlíkúmù”, tí ó tẹ̀ lé orí, tí ó sì jọ pé fífi ọwọ́ tútù pa á ni. Má kọ “Ásímù kà á báyìí”, torí Háfúsì àti Ṣúbà tí wọ́n jọ gbà á lọ́wọ́ Ásímù, àgbà olùka Kùránì ní Kúfà, kò kà á bákan náà. Kọ orúkọ ẹni tó gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.

Ní ti àwọn ìwé àlàyé Kùránì, fi ẹsẹ ṣáájú: “Tábárì, lábẹ́ Máídà 6”, lẹ́yìn náà ni wàá wá kọ ìdìpọ̀, ojú ewé àti ẹni tó tẹ̀ ẹ́. Ìtẹ̀jáde méjì kò ní ojú ewé kan náà, ìtẹ̀jáde Tábárì tí Ṣákírì ṣe tilẹ̀ dúró sáàárín Súúrátù Ìbúráhímù. Kùrùtùbí rọrùn jù, ó pín àlàyé rẹ̀ sí ọ̀ràn kìíní, ìkejì, ìkẹta. Kọ nọ́ńbà ọ̀ràn náà. Àṣìṣe tí mo máa ń rí jù ni kí akẹ́kọ̀ọ́ gbé ọ̀rọ̀ tí Tábárì kàn ń ròyìn, kó sì sọ ọ́ di tirẹ̀. Lábẹ́ ẹsẹ yìí, ó ròyìn lẹ́nu Ibnu Abásì pé àlùwàlá jẹ́ fífọ̀ méjì àti pípa méjì. Ìyẹn kì í ṣe ẹjọ́ Tábárì. Tirẹ̀ wà lẹ́yìn ibi tó ti ní “Àbú Jáfárì sọ pé”, torí òun náà ni Àbú Jáfárì, níbẹ̀ ló ti ní òun fẹ́ràn kíkà “arújúlíkúmù” jù, síbẹ̀ omi gbọ́dọ̀ kárí gbogbo ẹsẹ̀, pẹ̀lú ọwọ́ tó ń pa á. Tí o bá ka ìlà kan ṣoṣo, wàá ní ó fàyè gba pípa lásán. Nítorí náà, ìtọ́kasí rẹ á jẹ́: “Ibnu Abásì, nínú Tábárì, lábẹ́ Máídà 6”, kí tirẹ̀ sì dá dúró: “Tábárì, lábẹ́ Máídà 6, ìdájọ́ òun fúnra rẹ̀”.

Hádíìsì sì á rí báyìí, bákan náà láti ojú ewé kìíní dé ìparí: “Bùhárì, Ìwé Ìgbàgbọ́, orí ohun tó wá nípa pé iṣẹ́ wà pẹ̀lú àníyàn, 54 nínú ìkà Àbúdùlù-Bákì.” Bí o bá fẹ́ dán ara rẹ wò, wá hádíìsì “Ègbé ni fún àwọn gìgísẹ̀ nínú iná.” Wàá bá a ní 60, nínú Ìwé Ìmọ̀, lábẹ́ ẹni tó gbé ohùn sókè láti fi kọ́ni, wàá tún bá a ní 163, nínú Ìwé Àlùwàlá, lábẹ́ fífọ ẹsẹ̀ méjèèjì láì pa á. Sọ fún mi èyí tí ọ̀rẹ́ rẹ á kọ.