Ilé iṣẹ́ ẹni mẹ́sàn-án: má pín fọ́ọ̀mù, ìtàn ni kó o béèrè

Ìbéèrè: Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́. Wọ́n ní ká lọ yẹ ilé iṣẹ́ kékeré kan wò fún kọ́ọ̀sì sàíkọ́lọ́jì ibi iṣẹ́, ká wo bóyá iṣẹ́ tẹ́ àwọn òṣìṣẹ́ lọ́rùn, irú ọ̀gá tí wọ́n ní, àti ohun tó ń mú wọn ṣiṣẹ́. Òṣìṣẹ́ mẹ́sàn-án péré ló wà níbi tí mo rí. Ṣé kí n kàn pín fọ́ọ̀mù fún wọn ni?

Àbúrò, má pín fọ́ọ̀mù kankan. Mo ṣe supafáísọ̀ nílé ìtẹ̀wé kan lápá Mọ́kọ́lá, a ò fi bẹ́ẹ̀ pọ̀ ju àwọn tìẹ lọ, ojú mi báyìí ni akẹ́kọ̀ọ́ kan ṣe wá pín tiẹ̀. Fọ́ọ̀mù Spector tí wọ́n fi ń wo bí iṣẹ́ ṣe tẹ́ òṣìṣẹ́ lọ́rùn tó ló kó wá, èyí tí ìbéèrè inú ẹ̀ jẹ́ 36, òun fúnra ẹ̀ wá fi kún un lókè pé kí kálukú kọ ọjọ́ orí, ọkùnrin àbí obìnrin, àti ọdún tó ti lò níbẹ̀. Obìnrin kan ṣoṣo ló wà nídìí kọ̀ǹpútà wa, ta ni ò ní mọ̀ pé tiẹ̀ nìyẹn? Ó bojú wo ọ́fíìsì ọ̀gá, ó fàlà sí "mo gbà gan-an" látòkè délẹ̀. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, nǹkan bí ìdajì àwọn ìbéèrè yẹn ni wọ́n kọ lódì, tí ẹni tínú ẹ̀ ń dùn á fi sọ pé òun ò gbà, torí náà ó gbà pé owó òun dáa, ó sì tún gbà pé ẹ̀kúnwó ò wá bó ṣe yẹ. Tó o bá rí irú ẹ̀, ìbẹ̀rù ló ń kọ fọ́ọ̀mù yẹn. Akẹ́kọ̀ọ́ yẹn kọ ọ́ sínú pirójẹ́ẹ̀tì ẹ̀ pé inú gbogbo wa dùn, kò pẹ́ sígbà yẹn tí èèyàn méjì gba ibòmíì lọ.

Òǹkà gan-an ò ní gbè ọ́. Lọ́dún 2001, Judge àtàwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ kó ìwádìí tí wọ́n ti ṣe lórí èèyàn tó lé ní 50,000 jọ, ìbátan tí wọ́n rí láàárín ìtẹ́lọ́rùn òṣìṣẹ́ àti bó ṣe ń ṣiṣẹ́ sí ò ju nǹkan bí 0.30 lọ, lórí òṣùwọ̀n tó jẹ́ pé 1 ni ìbátan tó pé pérépéré. Tó bá jẹ́ èèyàn mẹ́sàn-án lo ní, ó gbọ́dọ̀ tó 0.67 kó o tó lè sọ pé kì í ṣe èèṣì. Ṣó o rí i, ohun tó wà níbẹ̀ lóòótọ́ kéré ju ohun tí ojú ẹ lè rí lọ, ẹnì kan ṣoṣo tára ọmọ ẹ̀ ò yá láàárọ̀ ọjọ́ yẹn ti tó láti yí gbogbo ẹ̀ padà.

Ohun tí wàá ṣe ni kó o rí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, kó má ṣe jẹ́ inú ọgbà ilé iṣẹ́ o, ìdí alámàlà tó wà ládùúgbò náà dáa. Ìbéèrè méjì péré ni: "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ ọjọ́ kan tí iṣẹ́ yìí dùn mọ́ yín nínú gan-an fún mi, kí ló ṣẹlẹ̀?" Lẹ́yìn náà, ọjọ́ tó sú wọn pátápátá. Bí Herzberg àtàwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ ṣe ṣe é nìyẹn fún nǹkan bí igba ẹnjiníà àti akáńtáǹtì lápá Pittsburgh, ọdún 1959 ni wọ́n tẹ ìwé ẹ̀ jáde. Ohun tí wọ́n sọ ni pé ohun tó ń bí òṣìṣẹ́ nínú àti ohun tó ń dùn mọ́ ọn, ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n. Owó, òfin ilé iṣẹ́, bí ọ̀gá ṣe ń ṣọ́ni, ìwọ̀nyẹn ló ń bíni nínú tí wọn ò bá dáa. Tí wọ́n bá wá dáa, ìbínú á lọ, àmọ́ ìtara ò tíì dé.

Mo rí i pẹ̀lú bọ̀dá tó ń tẹ Kọ́ọ̀dù, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé wa. Ọjọ́ burúkú tó sọ fún mi, ọ̀rọ̀ owó ni, pé oṣù á parí, wọ́n á tún dá owó dúró, àti pé ọmọ ẹ̀gbọ́n ọ̀gá tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, tí ò tíì lè wọ pélétì tí wọ́n fi ń tẹ̀wé sára ẹ̀rọ, iye kan náà ni wọ́n jọ ń gbà. (Nílé iṣẹ́ kékeré kò sẹ́ni tí ò mọ iye tí ẹnì kejì ń gbà, má tiẹ̀ ṣiyèméjì.) Ọjọ́ dáadáa tó sọ wá jẹ́ ti kàlẹ́ńdà ẹgbẹ́ kan. Àwọn àwọ̀ ò bára wọn mu, pupa ń yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ búlúù, gbogbo ẹni tó wà nínú fọ́tò wá dà bí ẹni tó ní ètè méjì-méjì. Ó tún pélétì wọ̀, ó rọra ń sún un díẹ̀díẹ̀ títí gbogbo ẹ̀ fi jókòó, oníbàárà wá ẹ̀yìn ọ̀hún, ó ní "ta ló ṣe èyí?" ó sì bọ̀ ọ́ lọ́wọ́ pẹ̀lú yíǹkì tó wà lọ́wọ́ ẹ̀. Kò sówó kankan nínú ìtàn yẹn.

Nígbà tí àwọn méjì yẹn lọ, ọ̀gá fowó kún owó, ó ń san án kóṣù tó parí. Kíkùn dópin lóòótọ́, àmọ́ wọ́n ṣì ń ba pélétì jẹ́, oníbàárà ṣì ń dá iṣẹ́ padà. Ohun tó yí i padà ni ìgbà tí ọ̀gá gbà kí bọ̀dá yìí máa fọwọ́ sí bébà àkọ́kọ́ tó bá jáde lára ẹ̀rọ fúnra ẹ̀. Tẹ́lẹ̀, ńṣe ni wọ́n ń gbé e lọ bá ọ̀gá, tí ọ̀gá bá wà ní Dùgbẹ̀, ẹ̀rọ á dákẹ́ dè é. Ní báyìí orúkọ ẹ̀ ló wà lórí káàdì iṣẹ́, òun loníbàárà ń pè. Iṣẹ́ tí wọ́n ń dá padà dín kù, a rí i nínú ìwé tá à ń kọ iṣẹ́ sí.

Tó o bá fẹ́ mọ irú ọ̀gá tó wà níbẹ̀, wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ tó bá jáde. Lewin, Lippitt àti White ṣe é fún àwọn ọmọkùnrin kéékèèké nílùú Iowa, wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1939: níbi tí aṣáájú ti ń pàṣẹ ṣáá, tó bá ti jáde, iṣẹ́ á lọ sílẹ̀, níbi tí wọ́n ti jọ ń gbìmọ̀, iṣẹ́ ń lọ. Lọ́dọ̀ wa tẹ́lẹ̀, mọ́tò ọ̀gá ò ní tíì dé ráńdábáòtì Mọ́kọ́lá tí wọ́n á ti pa jẹnẹrétọ̀, tí wọ́n á jókòó sórí ríìmù bébà, iṣẹ́ ojú-ayé ni gbogbo ẹ̀. Lẹ́yìn tó gbà fún bọ̀dá, Kọ́ọ̀dù ń ṣiṣẹ́ títí dọ̀sán lọ́jọ́ tó lọ Èkó. Àmọ́ má lọ kọ pé gbogbo ọ̀gá tí kì í dá sí nǹkan ló ń gbìmọ̀ o, torí àwọn Lewin ní ẹgbẹ́ kẹta tí wọ́n fi sílẹ̀ láìdá sí, iṣẹ́ tiwọn ò dáa rárá. Ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé yẹn, nígbà tí wọ́n fi òun náà sílẹ̀, bébà ló ń bà jẹ́. Ó ṣì nílò ẹni tó máa sọ fún un pé "ṣe báyìí, má ṣe bọ́ùn."

Nǹkan kan wà tí lẹ́kíṣọ́ra ẹ máa béèrè. Vroom ti sọ ọ́ ní 1964 nípa irú ìtàn tí Herzberg gbà pé ó ṣeé ṣe kéèyàn máa gba ohun tó dáa fún ara ẹ̀, kó sì máa di ohun tó burú ru ibi iṣẹ́. Òótọ́ ni, torí ẹ̀, kó o bi ọ̀gá fúnra ẹ̀ ní ìbéèrè méjì yẹn, kó o tún fi ìtàn wọn wé ìwé iṣẹ́. Níbi tí wọn ò bá ti bára mu, kọ méjèèjì sílẹ̀ bó ṣe rí.

Tó o bá ń kọ ọ́, "ilé ìtẹ̀wé kan n'Ìbàdàn" tó, àbí irú iṣẹ́ yòówù tí wọ́n bá ń ṣe. Má kọ ọjọ́ orí ẹnikẹ́ni, kó o sì ka apá tó kan kálukú sí i létí kó o tó fi í sílẹ̀. Èyí tó bá ní kó o yọ, yọ ọ́.