Ibi ìgbafẹ́ fún òbí tí ẹsẹ̀ wọn ò gbé ìrìn gígùn mọ́

"Bàbá àti màmá mi ti fẹ̀yìntì, wọn ò lè rìn pẹ́, ṣùgbọ́n wọ́n fẹ́ràn omi àti òkè. Ibo ni kí n mú wọn lọ?"

Lucerne ní Swítsàlandì ni èmi á yàn. Èbúté wà níwájú ibùdókọ̀ rélùwéè gan-an. Ọkọ̀ ojú omi á gbé wọn gba orí adágún fún bíi wákàtí kan dé Vitznau. Orí ìjókòó ni wọ́n á ti máa wòran. Ẹ̀gbẹ́ èbúté níbẹ̀ náà ni rélùwéè tó ń gun òkè Rigi láti 1871 wà. Ibi tó dúró sí lókè ṣì ku díẹ̀ kó dé ṣóńṣó, ọ̀nà ibẹ̀ sì ga. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n gun ọ̀nà yẹn. Ibùdókọ̀ rélùwéè tó wà lókè yẹn ni kí wọ́n jókòó sí, wọ́n á rí adágún dáadáa.