Ẹni tuntun sí kílíníìkì, àbí ẹni tuntun sí àrùn?

*Ẹ̀yin àgbà, ẹ gbà mí o. Ọdún kejì ni mo wà nínú ẹ̀kọ́ ìlera àwùjọ, ínsídẹ̀ǹsì àti pirẹ́fálẹ̀ǹsì ṣì ń dà pọ̀ mọ́ mi lójú. Olùkọ́ wa tún ní pirẹ́fálẹ̀ǹsì kòkòrò Éèdì lè máa gòkè nígbà tí ìtọ́jú ń dára sí i. Báwo nìyẹn ṣe jẹ́?*

Òótọ́ ni olùkọ́ yín sọ, àbúrò. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń kọ rẹ́jísítà ní kílíníìkì àwọn tó ní kòkòrò yìí, ibẹ̀ sì ni ọ̀rọ̀ náà ti yé mi, kì í ṣe inú ìwé.

Ínsídẹ̀ǹsì ń béèrè pé: nínú àwọn tí kò tíì ní àrùn náà, mélòó ló ṣẹ̀ṣẹ̀ kó o láàárín àkókò kan? Pirẹ́fálẹ̀ǹsì ní tiẹ̀ ń béèrè pé: lónìí, nínú gbogbo ènìyàn, mélòó ló ní i lára, àtẹni tó kó o lóṣù tó kọjá àtẹni tó ti ń bá a gbé láti ogún ọdún?

Ká ní àgbàlagbà 2,000 ló wà ní ìlú kékeré kan, a sì yẹ ẹ̀jẹ̀ gbogbo wọn wò ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún. A bá kòkòrò lára 40. Pirẹ́fálẹ̀ǹsì ọjọ́ yẹn ni 40 lára 2,000, ìyẹn 2%. Ó ku 1,960 tí kò ní i. Nígbà tí ọdún parí, a tún yẹ àwọn 1,960 yìí wò, 6 ti kó o. Ínsídẹ̀ǹsì ọdún náà ni 6 lára 1,960, bí ẹni 3 nínú ẹgbẹ̀rún. Mi ò fi 2,000 pín in, torí ẹni tí kòkòrò ti wà lára rẹ̀ kò sí lára àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ lè kó o. Bí ẹnì kan bá sì kó kúrò nílùú ní oṣù kẹfà, ìdajì ọdún péré la máa kà fún un.

Wàyí o, padà sọ́dọ̀ àwọn 40 yẹn. Láyé àìsí oògùn, ká ní 8 nínú wọn kú láàárín ọdún. Ó ku 32, fi 6 tuntun kún un, ó di 38 lára 1,992: bí 1.9%. Pirẹ́fálẹ̀ǹsì wálẹ̀, ikú ló sì fà á wálẹ̀. Lóde òní tí wọ́n ń lo oògùn lójoojúmọ́, ká ní 2 péré ló kú. 38 àti 6 jẹ́ 44 lára 1,998: 2.2%. Ó gòkè! Bẹ́ẹ̀, ẹni 6 kan náà ló kó o nínú ọdún méjèèjì. Bí àrùn ṣe ń pẹ́ lára sí i láìpa ènìyàn, bẹ́ẹ̀ ni àwọn tó ní i á máa pọ̀ sí i nínú ìwé.

Ibi tó ti máa ń da àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń wá sọ́dọ̀ wa láàmú ni ìlà "aláìsàn tuntun" nínú rẹ́jísítà. Wọ́n á ṣírò rẹ̀, wọ́n á pè é ní ínsídẹ̀ǹsì. Ẹni tuntun sí wa ni o, kì í ṣe ẹni tuntun sí kòkòrò. Ìyá kan wá forúkọ oyún sílẹ̀, àyẹ̀wò fi kòkòrò hàn, èsì CD4 rẹ̀, ìyẹn iye sẹ́ẹ̀lì inú ẹ̀jẹ̀ tó ń gbógun ti àrùn, sì jẹ́ 90. Èyí tó wálẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ sábà máa ń sọ pé kòkòrò náà ti wà níbẹ̀ láti ọdún mélòó kan. Obìnrin mìíràn mú káàdì oyún rẹ̀ àtijọ́ dání, èsì ọdún tó kọjá ní kò ní i, tọdún yìí ní ó ní i. Ìyẹn gan-an lẹni tuntun tí ínsídẹ̀ǹsì ń wá. Àwọn mìíràn tilẹ̀ wà tó jẹ́ pé ilé ìwòsàn míì ni wọ́n ti ń gba oògùn kí wọ́n tó kó wá sọ́dọ̀ wa.

Nígbà kan, àwọn kan gbé àyẹ̀wò ọ̀fẹ́ wá sínú ọjà. Lóṣù yẹn, ìlà ẹni tuntun wa kún àkúnya, ọ̀gá kan tó wá yẹ ìwé wò sì ń béèrè ohun tó ń tan àrùn kálẹ̀ ládùúgbò. Mo ní kó wo iye àwọn tí a yẹ̀ wò lóṣù náà ná. Iye yẹn ló fò sókè. Ìdá àwọn tí a bá a lára wọn nínú ọgọ́rùn-ún kò fẹ́rẹ̀ẹ́ yí padà. Ìwọ náà, bí wọ́n bá gbé "ẹni tuntun" fún ọ, iye tí wọ́n yẹ̀ wò ni kó o kọ́kọ́ bèèrè.

Ti ibà yàtọ̀. Ọmọ kan lè ní in lẹ́ẹ̀mẹ́ta lọ́dún, kí gbogbo rẹ̀ sì wọ ínsídẹ̀ǹsì ní mẹ́ta, torí ó ń san tán kó tó tún padà. Ṣùgbọ́n bó o bá ka àwọn ọmọ tí ibà ń ṣe lọ́jọ́ kan ṣoṣo, wọn ò ní pọ̀ tó bẹ́ẹ̀.