Yíyọ "s" nìkan kò tó

"Ẹ̀yin àgbà, wọ́n fi bírò pupa yí 'equipments', 'informations' àti 'advices' po nínú ìwé iṣẹ́ tí mo kọ lédè Gẹ̀ẹ́sì. Ṣé tí mo bá ti yọ 's' kúrò lára wọn, ó tán?"

Kò tán o, àbúrò mi. Ibi tí wọ́n ti fìyà jẹ mí gan-an nìyẹn. Ọ̀gá tó ń yẹ ìwé wa wò nígbà náà yí "s" po, ó ní kí n lọ tún un kọ, kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Mo yọ "s", ó tún dá a padà. Owó tí a fẹ́ fi tún jẹnẹrétọ̀ ṣe sì há sábẹ́ ìwé yẹn. Títí dòní ló ń bí mi nínú, torí àlàyé tí kò ní gbà á lákòókò rárá ni.

Ohun tí kò sọ ni pé àwọn ọ̀rọ̀ tó yí "equipments" ká ti bá a di ọ̀pọ̀. Wo gbólóhùn yìí:

"These equipments are faulty. We need an advice on them and many informations."

Tí o bá yọ "s" nìkan, "these equipment are" ló máa kù, kò sì tíì dáa. "These" gbọ́dọ̀ di "this", "are" di "is", "them" di "it", "many" di "more". Èyí tó burú jù ni "an advice". Kò ní "s" kankan tí wàá rí yọ, ojú á kàn fò ó, bẹ́ẹ̀ sì ni "an" yẹn ti kà á sí ẹyọ kan. "Some advice" ni kó jẹ́:

"This equipment is faulty. We need some advice on it and more information."

Tó bá ní iye, "4 pieces of equipment" ni. Ṣùgbọ́n nínú ìwé ẹrù, má fara pamọ́ sábẹ́ ọ̀rọ̀ yẹn rárá. Kọ "3 generators, 1 welding machine". Orúkọ wọ̀nyẹn ń gba "s" láìsí wàhálà, ẹni tó ń ka ẹrù á sì mọ ohun tó ń wá. "Suggestions" náà ń gba "s", tó bá jẹ́ pé àbá mẹ́ta lo fẹ́ kà sílẹ̀.

Tí o bá ní ẹlẹgbẹ́ láti Kùtọnu tó kàwé lédè Faransé, kó fara balẹ̀ dáadáa. Lọ́dọ̀ tiwọn, "informations" àti "équipements" tọ̀nà.

Má sì gbọ́kàn lé ìlà pupa orí kọ̀ǹpútà. Ó lè jẹ́ kí "informations" kọjá, torí àwọn agbẹjọ́rò ń lò ó fún ìwé ẹ̀sùn ọ̀daràn tó ju ẹyọ kan lọ. Tó bá jẹ́ ìwé ilé ẹjọ́ lo ń tẹ̀ fún ẹnikẹ́ni, béèrè lọ́wọ́ agbẹjọ́rò kí o tó fọwọ́ kan "s" tibẹ̀.