Ọwọ́ tí wọ́n ti gé ṣì ń ro wọ́n

“Wọ́n gé ọwọ́ ẹ̀gbọ́n mi lẹ́yìn jàǹbá ọkọ̀ ní Ọ̀jọ́ọ̀. Kí ló dé tí ìka tí kò sí mọ́ fi ń ro wọ́n, pàápàá tí wọ́n bá ń fá irùngbọ̀n?”

Ẹ gba ẹ̀gbọ́n yín gbọ́, ìrora náà dájú. Nínú ọpọlọ, àyè ọwọ́ àti àyè ojú múlé ti ara wọn. Àyè ọwọ́ kò kú. Ìròyìn láti ẹ̀rẹ̀kẹ́ lè ta sí i, kí ọpọlọ kà á sí ìka.

Kí ìrora náà lè dín kù, ẹ gbé dígí dúró sí àárín iwájú àyà wọn, kí ojú rẹ̀ kọ sí ọwọ́ tó kù, kí kùkùté ọwọ́ wà lẹ́yìn rẹ̀. Kí wọ́n máa wo àwòrán ọwọ́ tó kù bó ṣe ń rọra ṣí, ìṣẹ́jú 15 lójúmọ́. Kì í ran gbogbo èèyàn lọ́wọ́ o. Tó bá jẹ́ títẹ kùkùté ló ń ta wọ́n bí iná, ó lè jẹ́ iṣan ìmọ̀lára ló ta kókó níbẹ̀. Ìyẹn di ọ̀dọ̀ dókítà.