Gbèsè tó bàjẹ́ lẹ́yìn ìparí ọdún: èwo ló ń yí iye inú ìwé padà?

"Ẹ̀yin ọ̀gá wa, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá sí i. Oúnjẹ ẹja là ń tà ní Ìkòròdú, 31 Disẹ́ńbà la sì máa ń pa ìwé. Ní Jánúárì, iná jó sítọ́ọ̀ oníbàárà wa kan ní Àgbádárìgì, kò sì ní ìńṣọ́ránsì. Ní Fẹ́búárì, èyí tó wà ní Ẹ̀pẹ́ ti ilẹ̀kùn pa, ó ní òun ò ṣe mọ́. Àwọn méjèèjì jẹ wá lówó. Ọ̀dítọ̀ ní ká yọ ti Ẹ̀pẹ́ nínú èrè ọdún tó kọjá, ṣùgbọ́n ká kàn kọ àlàyé lórí ti Àgbádárìgì. Ṣebí lẹ́yìn ọdún ni méjèèjì ṣẹlẹ̀?"

Ó ṣeé ṣe kí ọ̀dítọ̀ yín tọ̀nà. Ọjọ́ tí ìròyìn dé kọ́ ni IAS 10, òfin ìṣirò owó lórí ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ìparí ọdún, ń wò. Ohun tó ń béèrè ni bí ọ̀rọ̀ oníbàárà náà ṣe rí ní alẹ́ 31 Disẹ́ńbà. Bí àìsàn bá ti wà lára òwò rẹ̀ kí ọdún tó parí, ìròyìn Fẹ́búárì kàn wá jẹ́rìí sí i ni, iye inú ìwé ọdún tó kọjá gbọ́dọ̀ yí padà. Àmọ́ bí ara òwò rẹ̀ bá le lọ́jọ́ náà, tó jẹ́ pé ọdún tuntun ni nǹkan dé bá a, ẹ ò ní fọwọ́ kan iye náà. Àlàyé nìkan lẹ ó kọ.

Òfin náà fúnra rẹ̀ sọ pé bí oníbàárà bá wọko gbèsè lẹ́yìn ìparí ọdún, ó sábà máa ń fi hàn pé gbèsè náà ti bàjẹ́ tẹ́lẹ̀. "Sábà" ló sọ o. Ẹ gbọ́dọ̀ wá ẹ̀rí tiyín.

Mo ti bá irú rẹ̀ pàdé nígbà tí mò ń tọ́jú ìwé fún ilé-iṣẹ́ kan lápá Odogunyan. Oníbàárà wa kan tó ń sin ẹja àrọ̀ lápá Ẹ̀pẹ́ pa òwò rẹ̀ tì ní Fẹ́búárì. Ọ̀gá tó ń bójú tó ọjà títà yarí pé kò sóhun tó ṣe ọkùnrin náà ní Disẹ́ńbà, ó ṣe tán a ṣì já ọjà fún un ní Jánúárì. Mo ní kí wọ́n gbé fáìlì rẹ̀ wá. Ṣẹ́ẹ̀kì tó kọ fún wa ní Ọ̀kítóbà wà níbẹ̀, báńkì ti dá a padà ní Nòfẹ́ńbà, òǹtẹ̀ wọn wà lára rẹ̀. Láti ìgbà náà, díẹ̀díẹ̀ ló ń san owó. Èyí tó wá pa gbogbo wa lẹ́nu mọ́ ni ìwé ìjájà kan ti Disẹ́ńbà, tí olùtọ́jú sítọ́ọ̀ wa fi báírò kọ sí etí rẹ̀ pé: "Ọ̀gá ní kí n má fún un ju ogún báàgì lọ." Àwa fúnra wa ti mọ̀ pé nǹkan ò dán mọ́rán. Ìyẹn ni ẹ̀rí. Gbèsè náà ti bàjẹ́ kí ọdún tó parí.

Iye tó yẹ ká yọ ló wá dá àríyànjiyàn sílẹ̀. Ní 31 Disẹ́ńbà, ó jẹ wá ní ₦8,400,000. Ní Jánúárì, a já ọjà ₦900,000 fún un, ó sì san ₦500,000 sórí gbèsè àtijọ́. Nítorí náà, nígbà tó fi ti ilẹ̀kùn, ₦8,800,000 ni lẹ́jà ń sọ, iye yẹn gan-an sì ni ọ̀gá wa fẹ́ ká gé kúrò nínú èrè ọdún tó kọjá. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ọjà ₦900,000 yẹn ò sí nínú gbèsè 31 Disẹ́ńbà rárá, torí náà kò lè di àdánù ọdún náà. Ọ̀rọ̀ ọdún tuntun ni, bóyá ó tilẹ̀ yẹ ká kà á sí ọjà títà nígbà tí a ti mọ irú ẹni tí à ń já a fún, ìyẹn náà ẹjọ́ ọdún tuntun ni.

Orí ₦8,400,000 la padà sí. ₦500,000 tó san ní Jánúárì kì í dín iye tó jẹ ní Disẹ́ńbà kù, ṣùgbọ́n ó jẹ́ ẹ̀rí pé ìwọ̀n yẹn nínú rẹ̀ ṣeé gbà. Ó tún fọwọ́ síwèé pé ká ta fírísà àti jẹnẹrétọ̀ òun, a sì fojú bù ú pé ₦1,500,000 ni yóò ti ibẹ̀ wá. Àpapọ̀ ohun tó lè wọlé jẹ́ ₦2,000,000, ohun tó ṣòfò jẹ́ ₦6,400,000. Pírófíṣọ̀n, ìyẹn àdánù tí a ti kà sílẹ̀ de gbèsè rẹ̀ tẹ́lẹ̀, jẹ́ ₦1,200,000, torí náà ₦5,200,000 péré la fi kún un: dẹ́bíìtì sí àdánù lórí gbèsè, kírẹ́díìtì sí pírófíṣọ̀n. Ọ̀pọ̀ máa ń gbàgbé pírófíṣọ̀n àtijọ́ yìí, wọ́n á sì ka àdánù kan náà lẹ́ẹ̀mejì.

Ní ti Àgbádárìgì, ẹ fi gbèsè náà àti pírófíṣọ̀n rẹ̀ sílẹ̀ bí ẹ ṣe ṣírò wọn pẹ̀lú ohun tó wà nílẹ̀ ní 31 Disẹ́ńbà. Iná ò tíì jó lọ́jọ́ náà. Bí owó náà bá tó nǹkan lójú ẹni tó máa ka ìwé yín, ẹ kọ àlàyé tó sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ àti iye tí ẹ fojú bù pé ó lè bá a lọ. Ká ní ₦11,000,000 ló jẹ yín, ohun tí ẹ máa kọ kò ju báyìí lọ: "Ní Jánúárì, lẹ́yìn ìparí ọdún ìṣirò, iná jó ilé ìkẹ́rù oníbàárà kan tó jẹ ilé-iṣẹ́ yìí ní ₦11,000,000 ní 31 Disẹ́ńbà. Àwọn olùdarí fojú bù ú pé nǹkan bí ₦9,000,000 nínú rẹ̀ lè má wọlé. A kò tíì ka àdánù yìí mọ́ iye inú ìwé yìí." Bí kò bá ṣeé fojú bù, ẹ sọ bẹ́ẹ̀ gan-an, àyè wà fún un. Ẹ má kàn kọ "ìṣẹ̀lẹ̀ kan wáyé" kẹ́ ẹ wá dákẹ́.

Àmọ́ ẹ wo fáìlì òun náà dáadáa. Bó bá ti ń fi owó falẹ̀ láti Ọ̀kítóbà, iná kò sọ gbèsè àtijọ́ di mímọ́. Apá tó ti mẹ́hẹ kí iná tó jó gbọ́dọ̀ wọ inú iye, ohun tí iná fi kún un ni yóò wà nínú àlàyé. Bí àdánù náà bá sì wá pọ̀ débi pé ilé-iṣẹ́ tiyín gan-an ò lè dúró mọ́, ọ̀rọ̀ ti kúrò ní àlàyé nìkan. Ẹ ò ní lè ṣe ìwé ọdún náà bíi ti òwò tó ń bá a lọ mọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọdún tuntun ni ìṣòro dé.

Ẹ tún mọ ìgbà tí ojú yín ń kúrò lára nǹkan wọ̀nyí. Ọjọ́ tí àwọn olùdarí fọwọ́ sí i pé kí ìwé náà jáde ni, kì í ṣe ọjọ́ tí ọ̀dítọ̀ parí iṣẹ́ nínú ọ́fíìsì yín, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ọjọ́ ìpàdé àwọn onípìn-ín. Ọjọ́ náà àti ẹni tó fọwọ́ sí i gbọ́dọ̀ hàn nínú ìwé. Tiwa ò tíì rí ìbuwọ́lù gbà nígbà tí wọ́n ta fírísà àti jẹnẹrétọ̀ yẹn, ₦1,100,000 péré ni wọ́n mú wá dípò ₦1,500,000. A tún ìwé ṣí, ₦5,200,000 di ₦5,600,000. Ọ̀gá wa bínú, ṣùgbọ́n ọ̀dítọ̀ ò bá a jà, ó kàn ní òun ń dúró de ìwé náà.

Tí ẹ bá fẹ́ yanjú rẹ̀ lọ́sẹ̀ yìí, ẹ tẹ sítétíméǹtì báńkì láti 1 Jánúárì títí di òní jáde, kẹ́ ẹ fi wé orúkọ gbogbo ẹni tó jẹ yín ní 31 Disẹ́ńbà. Ó ṣeé ṣe kí ẹ rí ẹnì kẹta níbẹ̀ tí kò tíì san kọ́bọ̀.